Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin tí iná kò kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́: ibà pọ́njú, káńfọ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, ní Iléṣà

Ọmọkùnrin ni. Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n bí i, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Iléṣà. Oyún pé ọ̀sẹ̀ 38, ọmọ wọn kílò 2.9, ó ké lójú ẹsẹ̀, ó sì ti mu ọmú kí wákàtí kan tó pé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ní kí tìyátọmọ máa lọ sílé. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lára káàdì wọn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọmọ padà wá ní ọjọ́ méjì sí i kí wọ́n lè wo ojú rẹ̀.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni ìyá rí i pé funfun ojú ọmọ ti pọ́n rúsúrúsú. Ọmọ ti lo bíi wákàtí 36 láyé nígbà náà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá ọmọ, tó ti wá láti wẹ ọmọ, kò bẹ̀rù rárá. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí tó jẹ́ obìnrin náà pọ́n lójú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, oòrùn kùtùkùtù ni wọ́n sì fi mú un lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ síta láàárọ̀, wọ́n ń fún un ní omi glúkóòsì, wọ́n sì tún ra oògùn ampikílọ́ọ̀sì olómi tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ àìsàn yìí, nítorí ó wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Ibà pọ́njú là ń pè é, ibà tí a sì fi ṣáájú rẹ̀ ló ń mú kí àwọn òbí máa fọwọ́ kan ọmọ níwájú orí, bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ara kò ní gbóná. Kòkòrò kọ́ ló sábà ń fà á, nítorí náà ampikílọ́ọ̀sì kò ní ohun tó fẹ́ pa. Omi glúkóòsì tiẹ̀ burú jù ú lọ, nítorí ó ń gba àyè wàrà nínú ikùn ọmọ.

Kí ẹni tó ń kà á lè rí ìdí tí àyè wàrà fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ ká tọ ipa ọ̀nà bilirúbìnì. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá ti gbó nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń fọ́, ara á sì sọ apá kan nínú rẹ̀ di bilirúbìnì, ohun àwọ̀ ìyeyè tí kì í yò nínú omi. Álíbúmìnì inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ UGT1A1 á so ó mọ́ ohun mìíràn tó jẹ́ kó lè yò, ẹ̀dọ̀ á dà á sínú òróòro, òróòro á gbé e dé ìfun, ìgbẹ́ á sì gbé e jáde. Bí àgbàlagbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ti ọmọ tuntun yàtọ̀ níbi mẹ́ta. Sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ pọ̀, kì í sì í pẹ́ tó ti àgbà kó tó fọ́, nítorí náà bilirúbìnì tó ń ṣe lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó ìlọ́po méjì ti àgbà. Ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àgbà lọ, ó sì máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó dàgbà tán. Ẹ̀kẹta ni ìfun: bí ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ bá pẹ́ nínú rẹ̀, bilirúbìnì tí ẹ̀dọ̀ ti fi wàhálà so á tún tú, á sì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Wàrà ló ń ti ìgbẹ́ náà jáde. Ọmọ tó ń mu omi glúkóòsì kì í yàgbẹ́ dáadáa, ohun tí ẹ̀dọ̀ lé jáde lójú kan sì ń gba ẹ̀yìn wọlé.

Ìdí nìyí tí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń pọ́n lẹ́yìn wákàtí 24 àkọ́kọ́, tí á le jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, tí á sì lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ti ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí rí bẹ́ẹ̀, òun sì ni ìyá àgbà fi ṣe ìwọ̀n.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ kò fa ọmú mọ́. Bí wọ́n bá ti ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, oorun á sì gbé e lọ. Wọ́n dé ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní aago méje àárọ̀, nígbà tí ọmọ ti lo wákàtí 83. Wọ́n wọ̀n ọ́n: kílò 2.62. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i. Nọ́ọ̀sì gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó tẹ awọ imú rẹ̀, ó wo èrìgì rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Lára ọmọ tó dúdú, ibi mẹ́ta wọ̀nyí àti funfun ojú ló ń sọ òótọ́, awọ àyà kì í sọ ọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ti pọ́n. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ojú ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló kù.

Èsì láàbù jáde láàárín wákàtí kan: bilirúbìnì lápapọ̀ 18.6 mg/dL, èyí tí ẹ̀dọ̀ ti so nínú rẹ̀ 0.7. (Láàbù tó bá ń kọ ọ́ ní µmol/L, 318 ni yóò kọ, 17.1 ni wọ́n fi ń sọ ọ̀kan di èkejì.) Bí èyí tí ẹ̀dọ̀ ti so ṣe kéré yìí fi hàn pé ọ̀nà òróòro kò dí, ohun tó ń wọlé ló pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ lè gbé lọ. PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ 44. Ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ A, ti ọmọ jẹ́ O, àwọn méjèèjì sì ní Rh. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìyá ló ń bá ti ọmọ jà.

Ṣé ó tó láti fi sábẹ́ iná? Nínú ìwé ìlànà kékeré tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn, ọmọ tó pé oṣù, tí kò sí ewu mìíràn lára rẹ̀, iná kàn án láti ọjọ́ kẹta bí ó bá dé 18 mg/dL, pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ sì kàn án ní 25. Bí ewu bá wà, bí àìpé oṣù, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tàbí kí sẹ́ẹ̀lì pupa máa fọ́ ju bó ṣe yẹ, iná di 15, pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ di 20. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ kò nílò ìṣirò kankan, iná ló kàn. Dókítà tó gba ọmọ yìí fi í sí ọ̀wọ́ eléwu, nítorí pé ọkùnrin ni, ó yára pọ́n, àìtó G6PD, ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá débi pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró de èsì kó tó rò ó. Ó ti kọjá 15. Ohun tó kù kó fi dé 20 kò tó méjì.

Ibi tó ṣòro jù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni oorun ọmọ náà. Bilirúbìnì tó bá wọ ọpọlọ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oorun àti àìfa ọmú gan-an. Lẹ́yìn náà ni ara á rọ̀ tàbí á le gan-gan, igbe á yí padà di igbe tínrín tó ń dun ni létí, ọrùn àti ẹ̀yìn á tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun. Bí ìyẹn bá ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ kíá, ohun yòówù kí láàbù kọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa náà ń sùn. Wọ́n fún ìyá ní ife mímọ́, ó fún wàrà ara rẹ̀ sínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì fi rọ́bà kékeré gba imú fún ọmọ ní mílílítà 40. Ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn náà, ọmọ la ojú, ó ké igbe gidi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì nà bákan náà nígbà tí wọ́n jẹ́ kí orí rẹ̀ sọ̀ díẹ̀. Ebi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sí ìwé pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà kan náà ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí pé ohun tí wàrà ṣàlàyé ní aago mẹ́jọ lè má jẹ́ òun náà ní aago méjìlá.

Ó wọ abẹ́ iná ní aago mẹ́sàn-án. Ohun tí iná aláwọ̀ búlúù ń ṣe rọrùn láti lóye: ó ń gba inú awọ kọjá, ó ń yí ìrísí bilirúbìnì padà débi pé ó lè yò nínú omi láìjẹ́ pé UGT1A1 fọwọ́ kàn án, á wá gba inú òróòro àti ìtọ̀ jáde. Iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ kò tíì lè ṣe ni iná ń bá a ṣe. Oòrùn náà ní búlúù yìí nínú, ohun tí wọ́n sì fura sí nìyẹn ní ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtọ́jú oníná fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958. Ní Èkó, ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé oòrùn tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì sẹ́ lè ṣe é fún ọmọ, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá dúró tì í ní gbogbo ìgbà. Oòrùn kùtùkùtù ìdajì wákàtí ní ẹ̀yìnkùlé, tí aṣọ wà lára ọmọ, kò sún mọ́ ọn.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. 19.3.

Ọmọ tó wà lábẹ́ iná tó dára, ó yẹ kí tirẹ̀ ti máa lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, tàbí kó dúró lójú kan ó kéré tán. Tirẹ̀ ń gòkè. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà ní kí wọ́n múra pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn sì tọ́. Dókítà àgbà ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bi iná léèrè ohun tó ṣe láti àárọ̀.

Wọ́n fi mítà tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ikùn ọmọ wà. Ó kà 8. Iná tó le tó fún ọmọ tó wà nírú ipò yìí gbọ́dọ̀ kà tó 30 µW/cm²/nm, láàárín 460 sí 490 nm. Ìdí rẹ̀ hàn ní kété tí wọ́n gbójú sókè. Ọ̀pá iná mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀pá funfun irú èyí tí a ń fi sí yàrá, tí ẹnì kan ti rọ́pò èyí tó jó. Funfun ń tàn ju búlúù lọ lójú ènìyàn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Eruku bo ike ìsàlẹ̀ wọn. Wọ́n na ròólà láti orí ọ̀pá iná dé ara ọmọ: sẹ̀ǹtímítà 62. Wọ́n wá ṣí ìwé nọ́ọ̀sì, wọ́n ka iye ìṣẹ́jú tí ọmọ fi wà lábẹ́ iná ní tòótọ́ nínú wákàtí mẹ́fà yẹn. Nẹ́pà mú iná lọ fún ìṣẹ́jú 50 kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, ìyá sì gbé ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi aṣọ wé e nítorí òtútù. Wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú péré ni ọmọ fi wà lábẹ́ iná.

Èyí tó kù, imú ló rí i. Nọ́ọ̀sì tó ń tún ibùsùn ṣe mú aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọmọ sókè, ó sì dúró.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti kó àwọn aṣọ yìí?”

“Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ mi. Inú àpótí mi ló wà láti ọdún kẹta. Mo da káńfọ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́.”

“Ṣé ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un?”

“Ó mọ́ nígbà tí mo kó o síbẹ̀. Kò sì ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan kan.”

Náfútálíìnì ló wà nínú ọ̀pọ̀ káńfọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó ń gba imú àti awọ wọ ara ọmọ. G6PD ni ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá tó, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ púpọ̀púpọ̀, gbogbo èyí tó bá sì fọ́ á di bilirúbìnì. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni aṣọ yìí ti wà lára ọmọ. Lábẹ́ iná gan-an, tí ooru ti ń jẹ́ kí káńfọ̀ máa fẹ́, orí rẹ̀ ló sùn sí. Ńṣe ni àwọn oníṣẹ́ ìlera dà bí ẹni tó ń fa omi jáde nínú agbada tí ẹ̀rọ omi ṣì ń da omi sí.

Ohun tí ìyá àgbà sọ nípa ẹ̀gbọ́n kì í ṣe irọ́. Ara kúrómósómù X ni àìtó yìí ń bá rìn. Obìnrin ní X méjì, bí ọ̀kan bá ní àbùkù, èkejì sábà máa ń bò ó; ọkùnrin ní ẹyọ kan ṣoṣo. Aṣọ kan náà, àpótí kan náà, ọmọ ìyá kan náà, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò jọra.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ wọ́n kó gbogbo aṣọ ilé jáde kúrò nínú yàrá, wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n sì tẹ́ aṣọ ilé ìwòsàn fún un. Pámpásì kékeré àti ìbòjú nìkan ló kù lára rẹ̀. Wọ́n nu ike, wọ́n yọ ọ̀pá funfun méjèèjì, wọ́n fi búlúù tuntun sí i, wọ́n rẹ iná wálẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 35, wọ́n sì ta aṣọ funfun yí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ká kí ìmọ́lẹ̀ tó ń sá lọ lè padà sára ọmọ. Mítà kà 32. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ lọ́mú fún ogún ìṣẹ́jú péré ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó bá kù nínú mílílítà 40 á gba rọ́bà wọlé nígbà tí ọmọ wà lábẹ́ iná.

Wọn kò dá ètò ẹ̀jẹ̀ dúró. Fún pípààrọ̀, ìlọ́po méjì ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ ni wọ́n ń béèrè, mílílítà 160 fún kílò kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 420 fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ lọ́kùnrin yọ̀ǹda ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì bá a mu. Dókítà àgbà ní kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò kó tó fi sílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ibi kì í ṣe. Kò tó. Ìyá àgbà wá rántí pé nígbà tí ọkùnrin náà wà lọ́mọdé, wọ́n fún un ní oògùn kan, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi èèpo obì fún ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀jẹ̀ yẹn pààrọ̀ ti ọmọ, sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ ni wọn ìbá fi dípò sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́. Ẹlòmíràn láti ẹ̀gbẹ́ bàbá ọmọ ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Wọn kò lò ó. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, 18.1. Aago mẹ́fà àárọ̀ Àbámẹ́ta, 15.9. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, 13.6. PCV ń bọ̀ sílẹ̀ ní tirẹ̀, 38 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 35 lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rí pé sẹ́ẹ̀lì ti fọ́ lóòótọ́. Àyẹ̀wò G6PD ọmọ jáde: kò tó. Lọ́jọ́ Àìkú ní aago mẹ́jọ àárọ̀, bilirúbìnì di 11.2, ó ti fi ju mẹ́ta lọ wà lábẹ́ 15 tó gbé e síbẹ̀, wọ́n sì pa iná. Ọjọ́ kejì ó gòkè sí 12.4, bí ó ti sábà máa ń ṣe lẹ́yìn iná, pàápàá níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ó padà sí 11.5, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ sílé.

Nínú ìpàdé tí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni 19.3 yẹn. Ó rọrùn láti ka irú èsì bẹ́ẹ̀ sí pé àìsàn le ju iná lọ. Kó tó di pé a gbà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ti ní ìdáhùn lórí ìwé: kí ni mítà kà níbi tí ọmọ wà, ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ fi wà lábẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, kí ló sì ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Níbi tí kò bá sí mítà, ròólà wà, ọjọ́ tí wọ́n fi ọ̀pá sí i sì ṣeé kọ mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹ má fi ojú wo bóyá ọmọ ń sàn lábẹ́ iná, nítorí awọ ni iná ń kọ́kọ́ fọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Bí ẹ bá sì gba ẹ̀jẹ̀, ẹ pa iná náà ní ìṣẹ́jú tí ẹ ń gbà á, kí ẹ fi nǹkan bo ìgò rẹ̀ títí dé láàbù, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò náà, èsì á sì jáde kéré ju bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè káńfọ̀ ti wà lára ìwé ìgbàlejò wọn báyìí, pẹ̀lú róòbù tí àwọn kan ń fi sí ìwọ́ ọmọ. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ ọmọ, kì í ṣe lọ́wọ́ ìyá nìkan.

Ọmọ náà gba káàdì àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ lò, tí wọ́n kọ primakúìnì, dápúsónì àti àwọn oògùn onísọ́fà sí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì PCV rẹ̀ jẹ́ 31, kò nílò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, nítorí ibi tí bilirúbìnì ti sábà ń fi àpá sílẹ̀ nìyẹn, ó sì ń gbọ́rọ̀. Ní ti àpótí ìyá àgbà, wọ́n kó gbogbo aṣọ inú rẹ̀ jáde, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì sá a sí oòrùn títí òórùn rẹ̀ fi lọ.